Ìwé Ojú Kan: Bí A Ṣe Ń Kó Ẹ̀rí Jọ Kí A Tó Béèrè Ẹ̀kúnwó

Fún ọdún díẹ̀, èmi ni mò ń gba àbá ẹ̀kúnwó lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ẹ̀ka ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń pín ọjà káàkiri láti Ìkẹjà. Màá tò ó pọ̀, màá gbé e lọ bá àwọn tó ń fọwọ́ sí owó, màá sì jókòó sí igun yàrá títí wọ́n á fi parí rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń dá padà lọ́wọ́ òfo kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Bí o bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ṣe láti ọdún tó kọjá, ìdáhùn wọn ni pé, "Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé mò ń ṣiṣẹ́, sà." Èmi mọ̀ lóòótọ́. Ẹni tó máa fọwọ́ síwèé lókè ni kò mọ̀, kò sì ráyè wá bi mí.

Ohun tó máa ń ya àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu ni pé wọn kì í sábà pinnu owó níbi ìpàdé ìgbéléwọ̀n. Ilé-iṣẹ́ tí ọdún ìṣirò owó rẹ̀ bá ń parí ní Oṣù Kejìlá máa ń bẹ̀rẹ̀ ètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ láti bí Oṣù Kẹsàn-án. Nígbà tó bá fi máa di Oṣù Kọkànlá, wọ́n ti fi iye kan sí ìdí owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́. Ìpàdé tí wọ́n pè ọ́ sí ní Oṣù Kejìlá tàbí Oṣù Kìíní, ìgbà yẹn ni wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n ti pín fún ọ. Ọ̀gá rẹ lè máa mi orí sí ohun tí ò ń sọ, kí àánú rẹ ṣe é pàápàá, kó má sì sí ohun tó lè ṣe mọ́ títí ọdún á fi tún yí.

Nítorí náà, ẹ̀rí tí èèyàn bá kó jọ ní iṣẹ́ méjì láti ṣe. Ó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ọ̀gá kí ètò ìṣúná tó dì, ó sì gbọ́dọ̀ lè dá rìn, torí pé ọ̀gá rẹ ló máa gbé e wọ yàrá tí wọn kò ní pè ọ́ sí. Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n kọ ọ́ sí ojú ìwé kan ṣoṣo. Ojú ìwé kan ni ọ̀gá lè fi ránṣẹ́ sókè láì tún un kọ. Bó bá di ojú ìwé mẹ́jọ, òun fúnra rẹ̀ ní láti ké e kúrú, ibi tó dùn jù lọ́wọ́ rẹ lè jẹ́ ibi tó máa kọ́kọ́ gé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ àbúrò kan ṣàlàyé. Mo ti yí iye owó díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ mọ̀. Ẹ̀ka àkáǹtì ló wà, ní ilé-iṣẹ́ tó ń kó ohun ìkọ́lé fún àwọn ṣọ́ọ̀bù, ọ̀pọ̀ nínú ọjà yẹn ni wọ́n sì ń tà láwìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gba owó tó wà níta. ₦280,000 ni owó oṣù rẹ̀ kí wọ́n tó yọ ohunkóhun. Ó wá sọ́dọ̀ mi ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹsàn-án, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, lọ́tẹ̀ yìí màá bá wọn sọ ọ́." Ó ti kọ ohun tó fẹ́ sọ sínú fóònù rẹ̀. Ó ní òun máa ń pẹ́ níbi iṣẹ́ ju gbogbo èèyàn lọ. Ó ní ẹnì kan fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá, òun ni òun ń bo àyè rẹ̀. Ọjà ti wọ́n, owó ọkọ̀ ti gbówó lórí. Èyí tó gbẹ̀yìn ló ń dùn ún jù: ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dé lẹ́yìn òun ń gba owó ju òun lọ.

Kò sí irọ́ kankan nínú ìkọ̀wé yẹn, àmọ́ mo ní kó pa èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ rẹ́. Pípẹ́ níbi iṣẹ́ ń fi làálàá hàn, kò fi ohun tí làálàá náà mú wá hàn. Ọ̀gá tó bá fẹ́ ṣe àríwísí sì lè dáhùn pé bóyá kò mọ bí a ṣe ń ṣe é kíákíá ni. Ti ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ló burú jù. Nígbà tí o bá dárúkọ owó ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ á kúrò lórí iṣẹ́ rẹ, á bọ́ sórí ta ló sọ fún ọ. Mo ti rí ìpàdé tó fi ìdajì wákàtí wá ẹni tó tú àṣírí, tí ẹni tó wá béèrè owó sì jáde bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn.

Mo wá bi í pé, "Èwo ni ìwé tí ọ̀gá rẹ máa ń wò fúnra rẹ̀ láràárọ̀ Mọ́ńdè?" Kò tiẹ̀ rò ó kó tó dáhùn: ìwé gbèsè ni, èyí tó máa ń pín owó tó wà níta sí ìsọ̀rí, èyí tí kò tíì pé 30 ọjọ́, èyí tó ti lé ní 30, èyí tó ti lé ní 60. Mo ní ibẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ wà. Ẹ̀rí tí ọ̀gá ti gbà gbọ́ kí o tó débẹ̀ ló rọrùn láti fi sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ pé ìwọ lo lọ ṣírò tìrẹ nílé, ìṣirò rẹ ni ẹ máa jókòó jiyàn lé lórí, kò ní í ku àyè fún ọ̀rọ̀ owó oṣù.

Ó lọ wò ó. Ní ìparí Oṣù Kìíní, gbèsè tó wà níta jẹ́ ₦118 mílíọ̀nù, nínú rẹ̀, ₦46 mílíọ̀nù ti lé ní 60 ọjọ́. Ní ìparí Oṣù Kẹjọ, àpapọ̀ jẹ́ ₦124 mílíọ̀nù, èyí tó sì ti lé ní 60 ọjọ́ kò ju ₦17 mílíọ̀nù lọ. Inú rẹ̀ dùn, ó fẹ́ kọ ọ́ báyìí pé gbèsè àtijọ́ dín ní ₦29 mílíọ̀nù. Mo ní kó kọ́kọ́ fi í sí ìpín nínú ọgọ́rùn-ún. Iye owó ọjà ń yí padà lọ́dọọdún níbí, náírà lásán lè tan èèyàn jẹ: ẹni tó ta simẹ́ǹtì kan náà ní iye tó ga máa ní gbèsè tó pọ̀ láì ṣe pé ẹnikẹ́ni sùn lẹ́nu iṣẹ́. Gbèsè àtijọ́ jẹ́ 39 nínú ọgọ́rùn-ún ní Oṣù Kìíní, ó sì ti di nǹkan bí 14 ní Oṣù Kẹjọ. Ìyẹn ò ṣeé fi owó ọjà tó wọ́n ṣàlàyé kúrò.

Wàhálà kan wá yọjú tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí dáadáa. Kò tọ́jú ìwé ti Oṣù Kìíní. Ó padà lọ sórí ẹ̀rọ ìṣirò owó ilé-iṣẹ́, ó ní kó tún gbé ìwé ọjọ́ tó parí oṣù náà jáde, ó sì rí ₦43 mílíọ̀nù dípò ₦46. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Àwọn owó kan wà tí oníbàárà ti san ní Oṣù Kìíní tí wọn kò kọ sínú ìwé títí di Oṣù Kẹta. Nígbà tí wọ́n wá kọ wọ́n, ọjọ́ tí owó wọ báǹkì ni wọ́n fi sí i, bẹ́ẹ̀ ni àná yí padà. Èyí ló fi dára kí èèyàn tọ́jú ìwé ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan bó ṣe rí lọ́jọ́ náà, sínú fódà tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́. Ohun tó yọ ọ́ ni ímeèlì kan tí ọ̀gá rẹ̀ fúnra rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí gbogbo olórí ẹ̀ka ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kejì, tó fi bínú pé ₦46 mílíọ̀nù ti di gbèsè àtijọ́. Ta ló máa bá ọ̀gá jiyàn lórí iye tí ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ? Síbẹ̀, mo ní kó kọ ₦43 mílíọ̀nù náà sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé, pẹ̀lú gbólóhùn kan tó sọ ìdí ìyàtọ̀, kí ẹni tó bá lọ yẹ̀ ẹ́ wò má baà rò pé ó fi nǹkan pamọ́.

Lẹ́yìn èyí la ṣe iṣẹ́ tí kò fẹ́ ṣe. Mo ní kó yọ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ kúrò. Nínú owó tó wọlé yẹn, àwọn oníbàárà ńlá méjì ló san ₦9 mílíọ̀nù lẹ́yìn tí ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ lọ bá wọn lálejò. Gbogbo èèyàn ló mọ̀. Bó bá pa á pọ̀ mọ́ tirẹ̀, ẹnì kan máa sọ ọ́ nínú yàrá, ₦20 mílíọ̀nù tó kù á sì di ohun tí wọ́n ń fura sí. Ó yọ ọ́. Ó kọ ọ́ gbangba pé ti ọ̀gá àgbà ni. Mo ti jókòó nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ tó láti mọ̀ pé ìyọkúrò yẹn lágbára ju gbogbo àsọdùn lọ.

₦20 mílíọ̀nù náà, kí ló wá tọ́ sí? Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìnà. Wọ́n á kọ ọ́ pé, "Mo jèrè ₦20 mílíọ̀nù fún ilé-iṣẹ́." Èèyàn àkáǹtì tó bá rí irú gbólóhùn yẹn á rẹ́rìn-ín ni. Owó ilé-iṣẹ́ ni tẹ́lẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú rẹ̀ wọlé nígbà tó bá yá. Ohun tó mú wá ni pé owó náà tètè dé. Ilé-iṣẹ́ yìí ń yá owó ní báǹkì láti ra ọjà, èlé rẹ̀ sì tó 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Kò yani lẹ́nu: láti Oṣù Kọkànlá 2024 títí di Oṣù Kẹsàn-án 2025, ìdíwọ̀n èlé tí Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi lélẹ̀ nìkan jẹ́ 27.5, báǹkì oníṣòwò sì máa ń fi tirẹ̀ lé e. Bí ₦20 mílíọ̀nù kò bá sí níta mọ́ fún odindi ọdún kan, èlé tí ilé-iṣẹ́ kò ní san jẹ́ ₦6 mílíọ̀nù. Àmọ́ láàárín Oṣù Kìíní sí Oṣù Kẹjọ, díẹ̀díẹ̀ ni gbèsè náà ń dín, kì í ṣe lọ́jọ́ kan. Bí a bá mú ìdajì gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n àárín, ₦10 mílíọ̀nù fún oṣù méje, èlé tí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó ₦2 mílíọ̀nù. Ó kọ méjèèjì: ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti ohun tó máa jẹ́ lọ́dọọdún bí nǹkan bá dúró bó ṣe wà.

Ìbéèrè kan ṣì kù tí ọ̀gá tó bá gbọ́n máa bi í. Báwo la ṣe mọ̀ pé ìwọ lo ṣe é? Gbèsè lè dín torí pé ọjà ń tà. Nítorí náà, èèyàn gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí ohun tó yí padà àti ọjọ́ tó yí i. Àbúrò yìí ti ṣàkíyèsí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún pé àwọn oníbàárà tí kì í san kì í sọ pé àwọn ò lówó. Wọ́n máa ń sọ pé, "Ẹ mú wébíìlì tí a fọwọ́ sí wá." Ìwé tó fi hàn pé ẹrù dé ọwọ́ wọn nìyẹn, kò sì sí, torí pé àwọn awakọ̀ máa ń sọ ọ́ nù tàbí kí wọ́n fi í sínú ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó lọ bá olórí ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n sì jọ fẹnu kò pé awakọ̀ tí kò bá dá wébíìlì àná padà kò ní gba ìwé láti kó ẹrù òní. Oṣù Kẹta ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, Oṣù Kẹrin sì ni gbèsè àtijọ́ kọ́kọ́ dín gan-an. Mo ní kó bẹ olórí ilé ìkẹ́rùsí kó kọ gbólóhùn méjì sínú ímeèlì nípa ohun tí wọ́n jọ ṣe. Baba náà kọ ọ́, ó tiẹ̀ fi kún un pé òun kò fara mọ́ ọn níbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rí tó bá wá láti ẹ̀ka mìíràn, lọ́wọ́ ẹni tí kò ní èrè kankan níbẹ̀, mi ò mọ ohun tó dà bíi rẹ̀.

Ó tún ṣe àṣìṣe kan ní Oṣù Kẹta: ó kọ owó oníbàárà kan sínú àkáǹtì ẹlòmíràn, wọ́n sì pe ẹni tó ti sanwó pé ó jẹ gbèsè. Ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn sùn. Mo ní ọ̀gá kò gbàgbé, ó kàn dákẹ́ ni, ọjọ́ ìpàdé ló sì máa rántí rẹ̀. Èèyàn tí wọ́n bá bá lójijì máa ń gbèjà ara rẹ̀, ohùn á lọ sókè, ọkàn á máa lù, gbogbo ohun tó mú wá á sì fò lọ. Nítorí náà, ó kọ ọ́ sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ tó tún un ṣe, àti pé látìgbà náà ló ti ń wo nọ́ńbà ìnífọ́ìsì kó tó kọ owó sílẹ̀. Ìlà méjì péré ni.

Lórí iye tó fẹ́ béèrè, ₦350,000 ló ní lọ́kàn. Mo bi í pé ibo ló ti rí i. Ó ní ó wù ú ni. Mo rán an pé kó lọ ka ìpolówó irú iṣẹ́ rẹ̀ tó sọ iye owó, kó sì béèrè lọ́wọ́ àwọn méjì tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà níbòmíràn, tí ilé-iṣẹ́ wọn tóbi tó tirẹ̀. Ohun tó mú bọ̀ wà láàárín ₦320,000 sí ₦380,000. Iye tó wù ú bọ́ sáàárín, ìyẹn sì dára, àmọ́ ó ti ní ẹsẹ̀ tó fi dúró báyìí.

Ọ̀rọ̀ ọjà tó wọ́n ńkọ́? Ó níbi tí a ti lè lò ó, àmọ́ ibẹ̀ kéré. Ọjà kan náà ni ọ̀gá ń ná, gbogbo òṣìṣẹ́ ló sì lè sọ ọ́, nítorí náà kì í ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Ibi tó ti wúlò ni bí wọ́n bá fún ọ ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n sì pè é ní ẹ̀kúnwó. Ìgbà yẹn lo lè fi ọ̀wọ̀ sọ pé owó náà kò tíì dé ibi tó wà lọ́dún tó kọjá. Ẹ ṣọ́ra fún iye tí ẹ máa dárúkọ. Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-èdè gbé ọ̀wọ́n gógó jáde ní 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún fún Oṣù Kejìlá 2024. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n yí ọdún ìpìlẹ̀ ìṣirò náà padà, ó sì di 24.48. Ọjà kò rọ̀ láàárín oṣù kan. Ọ̀nà ìwọ̀n ló yí. Ẹni tó bá gbé àkọ́kọ́ wá síwájú ọ̀gá tó ń ka ìwé ìròyìn, ó ti fún un ní ohun tó máa fi jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ gidi.

Kí a tó kọ ìwé náà mọ́, a ṣírò ohun tó máa ná ilé-iṣẹ́. ₦70,000 ló fẹ́ kí wọ́n fi kún un lóṣù. Gẹ́gẹ́ bí Òfin Ìfẹ̀yìntì 2014, agbanisíṣẹ́ ń fi ó kéré tán 10 nínú ọgọ́rùn-ún sínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì, òṣìṣẹ́ ń fi 8, lórí àpapọ̀ owó oṣù gangan, owó ilé àti owó ọkọ̀. Bí gbogbo ₦70,000 bá wọ inú àwọn mẹ́ta yẹn, ₦77,000 ló máa ná ilé-iṣẹ́ lóṣù, ìyẹn ₦924,000 lọ́dún. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ₦6 mílíọ̀nù. Ẹni tó mọ iye tí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ máa ná ẹni tó ń bẹ̀ kì í bẹ̀bẹ̀ mọ́, ó ń dábàá ni.

Kí ó tó tẹ̀ ẹ́ jáde, mo rí i pé ó ti fi orúkọ oníbàárà àti nọ́ńbà fóònù wọn ránṣẹ́ sí ímeèlì ara rẹ̀ kó lè fi ṣe ẹ̀rí nílé. Mo ní kó pa á rẹ́ kó sì má tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ ìwé ìgbanisíṣẹ́ ló ní kí a má kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde, Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 sì tún wà. Àpapọ̀ iye ló yẹ kó wà lójú ìwé, àti ibi tí wọ́n ti lè rí ìwé tó kù lórí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́. Èèyàn ò lè fọkàn balẹ̀ béèrè owó nígbà tó mọ̀ pé ohun kan wà lápò òun tí wọ́n lè fi lé òun lọ.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ lọ́fíìsì, àmọ́ bí mo bá fi Yorùbá sọ ọ́, orí ojú ìwé náà kà báyìí:

"Gbèsè tó lé ní 60 ọjọ́: 39 nínú ọgọ́rùn-ún (ìparí Oṣù Kìíní), 14 (ìparí Oṣù Kẹjọ). Ohun tó yí padà: wébíìlì ń padà sí ọ́fíìsì kí ẹrù tuntun tó jáde, láti Oṣù Kẹta, pẹ̀lú ẹ̀ka ìkẹ́rùsí. Ohun tí kò sí nínú iye mi: ₦9 mílíọ̀nù tí ọ̀gá àgbà gbà. Ohun tí mo ń béèrè: ₦350,000 lóṣù láti Oṣù Kìíní."

Àlàyé kúkúrú ló wà lábẹ́ rẹ̀, àti ọ̀nà láti rí ìwé kọ̀ọ̀kan. Ohun kan tún wà tó yẹ kí n sọ: fọ́ọ̀mù ìgbéléwọ̀n wọn kò ní ìlà kankan fún gbèsè àtijọ́. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni "kíkọ ìnífọ́ìsì lásìkò." Bó bá jẹ́ pé fọ́ọ̀mù nìkan ló gbára lé, iṣẹ́ tó tóbi jù tó ṣe kò ní í gba máàkì kankan. Ó fi ìlà yẹn ṣe ilẹ̀kùn: ó kọ ọ́ pé ìnífọ́ìsì tí kò ní wébíìlì kò tíì parí, ibẹ̀ ló sì ti wọ inú ọ̀rọ̀ gbèsè.

Ó fi ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì ọ̀gá rẹ̀ kí Oṣù Kẹsàn-án tó parí. Ó kàn sọ pé, "Ẹ káàárọ̀, sà. Ìwé kékeré kan nìyí, mo ní kẹ́ ẹ rí i kí ètò ìṣúná tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìkánjú." Kò dúró gba ìdáhùn.

Kí ìpàdé tó tó, a jókòó ṣe é bí eré. Èmi ni ọ̀gá. Mo le mọ́ ọn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tó ń ṣe é ni pé bó bá ti dárúkọ owó tán, ó máa ń yára sọ pé, "Àmọ́ iye tí ẹ bá rí fún mi náà, màá gbà á, sà." Ẹ̀kọ́ ilé ló fi ń sọ ọ́, mo mọ̀. A kọ́ wa láti má ṣe jẹ́ kí ojú àgbà gbóná. Àmọ́ gbólóhùn yẹn ló ń ba gbogbo iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan jẹ́, ọ̀wọ̀ kò sì sí nínú rẹ̀ ju èyí tó ti wà nínú "sà" àti "ẹ jọ̀ọ́" lọ. Mo ní kó sọ iye náà lẹ́ẹ̀kan, kó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé orí ìwé, kó dákẹ́. A tún un ṣe títí ìdákẹ́jẹ́ náà kò fi ṣòro fún un mọ́.

Ìpàdé wáyé ní Oṣù Kejìlá. Ohun tó rò fún mi nìyí. Ọ̀gá ti ka ìwé náà, ó tiẹ̀ ti fàmì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ sọ ti àṣìṣe Oṣù Kẹta. Àbúrò mi ní, "Ó wà ní ìsàlẹ̀ níbẹ̀, sà, pẹ̀lú ohun tí mo ṣe sí i." Ọ̀gá wò ó, ó sì kọjá.

"Ọmọ yìí, o ṣiṣẹ́. Mi ò lè jiyàn rẹ̀. Àmọ́ ₦70,000 ti pọ̀ jù. Kò sí ẹni tí wọ́n fún ní ìdá 25 lọ́dún yìí."

Àbúrò mi dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ ṣé, sà. Èló lẹ rò pé ẹ lè gbé lọ sókè láti Oṣù Kìíní? Kí ló sì máa jẹ́ kí èyí tó kù ṣeé ṣe, ní oṣù wo?"

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kí èèyàn mú dání lọ bó bá gbọ́ "kò sówó." Ẹni tó bá dáhùn pẹ̀lú "ṣùgbọ́n, sà" á kàn bá a tún ìjà náà jà ni. Ẹni tó bá béèrè iye, ohun tí wọ́n fẹ́ rí, àti oṣù, ó ti sọ ọ̀rọ̀ náà di àdéhùn. Ọ̀gá ní òun ti fi ₦45,000 sínú ètò ìṣúná láti Oṣù Kẹwàá, nítorí ìwé tó fi sílẹ̀. Ó ní bí gbèsè àtijọ́ kò bá kọjá 15 nínú ọgọ́rùn-ún títí di ìparí Oṣù Kẹfà, òun á gbé ₦25,000 tó kù lọ sókè. Àbúrò mi dúpẹ́, ó jáde, ó sì fi ímeèlì kúkúrú ránṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà láti fi dúpẹ́, kó sì kọ àwọn iye náà àti oṣù náà sílẹ̀ bí ó ṣe gbọ́ wọn. Kò béèrè ìbuwọ́lù. Ọ̀gá dáhùn pẹ̀lú "Ó dára." Ìyẹn tó.

Lẹ́tà dé ní Oṣù Kìíní, ó sì fi í ránṣẹ́ sí mi kí n bá a wò ó. Iye náà pé, àmọ́ odindi ₦45,000 ni wọ́n kó sí abẹ́ "àjẹmọ́nú mìíràn," níbi tí ìfẹ̀yìntì kì í dé. Ó fi ọ̀wọ̀ kọ̀wé sí ẹ̀ka òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n pín in sórí owó oṣù gangan, owó ilé àti owó ọkọ̀ bíi ti owó rẹ̀ àtẹ̀yìnwá. Wọ́n gbé ₦30,000 síbẹ̀, wọ́n fi ₦15,000 sílẹ̀ níbi tó wà. Nítorí náà, ₦3,000 ni ilé-iṣẹ́ ń fi kún àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lóṣooṣù báyìí, òun náà ń fi ₦2,400. Ọ̀rọ̀ ₦15,000 yẹn ti wà nínú ìwé tó ń kọ fún Oṣù Kẹfà.